Lẹ́tà sí Agbégéèmù-jáde, àti Géèmù tí a So Mọ́ Ọn: Ìdáhùn sí Òǹkàwé kan ní Kubwa

«Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kubwa ni mo ń gbé. Èmi àti ẹnì kejì mi tó ń yàwòrán fi Unity ṣe géèmù àdìtú kan tí ènìyàn ti ń ti ọmọlanke mẹ́ruwà kiri àdúgbò. Mo kọ ímeèlì sí ilé-iṣẹ́ kékeré kan lókè òkun tí ń gbé géèmù jáde, mo sì so àpẹẹrẹ géèmù náà, tó ní ìpele 30, mọ́ ọn. MB 140 ni, Gmail sì gbé e sí Drive. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọn ò fèsì. Ṣé lẹ́tà mi ni kò dára ni, àbí wọ́n ti jí èrò mi gbé? Ṣé kí n tún un fi ránṣẹ́? Ẹ̀dà lẹ́tà náà nìyí, ẹ bá mi wò ó.»

Àbúrò mi, kí o tó fura sí ẹnikẹ́ni, yá fóònù ẹlòmíràn kí o fi tẹ líǹkì Drive tó wà nínú lẹ́tà náà. Nígbà tí èmi tẹ ẹ̀dà tí o fi ránṣẹ́ sí mi, ojú-ewé kan ni ó yọ sí mi tó kọ «You need access». Ìgbà tí mo béèrè àyè, tí o sì fún mi, ni mo tó rí fáìlì náà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí o kọ̀wé sí, a jẹ́ pé kò tíì sí ẹni tó fojú kan géèmù rẹ nínú wọn, áńbọ̀sì kí wọ́n jí i. Ohun tó fà á kò le. Gmail kì í gbé fáìlì tó bá ju MB 25 lọ. Bí o bá so èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ mọ́ lẹ́tà, yóò gbé e sínú Drive tìrẹ, yóò fi líǹkì rọ́pò rẹ̀, yóò sì bi ọ́ bóyá kí ó fún ẹni tí o ń kọ̀wé sí ní àyè láti rí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ka ìbéèrè yìí. Ohun tó bá ti lè jẹ́ kí lẹ́tà tètè lọ ni wọn yóò tẹ̀. Wo inú ímeèlì rẹ dáadáa, títí kan «Spam», bóyá wọ́n ti béèrè àyè lọ́wọ́ rẹ tí o kò sì rí i.

Bí líǹkì náà tilẹ̀ ṣí sílẹ̀, ọ̀nà ṣì jìn láti ibẹ̀ dé inú géèmù. Drive kì í lè yẹ fáìlì tó tóbi tó báyìí wò bóyá kòkòrò wà nínú rẹ̀, nítorí náà yóò kọ́kọ́ kìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ dáńlóòdù rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò tú .zip náà. Bí ó bá tẹ .exe tó wà nínú rẹ̀, Windows yóò sọ fún un pé òun kò mọ ẹni tó ṣe ohun èlò yìí, pé òun ti dá a dúró, àfi bí ó bá tẹ «More info» kí ó tó rí «Run anyway». Bí ó bá sì jẹ́ kọ̀ǹpútà Mac ni ó ń lò, gbogbo wàhálà yìí já sí asán, torí pé .exe kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ro ẹni tó wà ní òdìkejì: ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju mẹ́rin márùn-ún lọ, tí ẹnì kan nínú wọn ń ka lẹ́tà àwọn tí kò mọ̀ rí láàárín iṣẹ́ méjì mìíràn. Wọ́n kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì pé ohun tí àjèjì kan fi ránṣẹ́ láti Nàìjíríà lè ba kọ̀ǹpútà òun jẹ́. Èmi náà ti ka irú lẹ́tà wọ̀nyí fún ilé-iṣẹ́ kan rí, mo sì lè sọ fún ọ pé ní ìkìlọ̀ kejì, ọwọ́ a máa lọ síbi lẹ́tà tó kàn. Má sì rò pé bí o bá fún un mọ́ títí yóò fi kéré sí MB 25, ọ̀rọ̀ ti parí, nítorí Gmail kì í gba .exe tàbí .apk rárá, ìbáà jẹ́ inú .zip ni o dì í sí.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe ni pé kí géèmù náà máa ṣí nínú búráósà, láìsí pé ẹnikẹ́ni dáńlóòdù ohunkóhun. Unity ni o sọ pé o fi ṣe é. Yan WebGL, tí Unity 6 ń pè ní Web, dípò Windows nígbà tí o bá ń kọ́ ọ jáde, kí o sì dì í ní .zip lọ́nà tí index.html yóò fi wà lójú rẹ̀ gan-an, kì í ṣe nínú fódà mìíràn. Ṣí ojú-ewé fún un lórí itch.io, ìkànnì tí àwọn aṣegéèmù ń gbé iṣẹ́ wọn sí, mú «HTML» ní ibi tí wọ́n ti béèrè irú iṣẹ́ tó jẹ́, gbé .zip náà sókè, kí o sì fọwọ́ sí i pé inú búráósà ni wọn yóò ti máa ta á bí ẹni ń ta ayò. Yan «Restricted», kí o fún un ní ọ̀rọ̀ aṣínà, kí o wá kọ líǹkì àti ọ̀rọ̀ aṣínà náà sínú lẹ́tà ní ìlà kan náà, kí ẹni tó ń kà á má baà wá a kiri. Géèmù àdìtú tí kò ní àwòrán ńláńlá bí tìrẹ yóò fúyẹ́ dáadáa lórí búráósà. Dán an wò lórí dátà fóònù rẹ ní Kubwa ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fà. Bí ó bá ṣí níbẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, yóò ṣí níbikíbi. Àǹfààní kan tún wà nínú rẹ̀ tí Drive kò ní. Itch.io yóò máa fi hàn ọ́ iye ìgbà tí wọ́n ṣí ojú-ewé náà àti iye ìgbà tí wọ́n ta géèmù náà. Bí o bá ṣí ojú-ewé ọ̀tọ̀ fún ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí ìwọ fúnra rẹ kò sì fọwọ́ kàn án mọ́ lẹ́yìn tí o bá ti fi lẹ́tà ránṣẹ́, o ó mọ̀ bóyá wọ́n ta á tí kò wù wọ́n, tàbí wọn kò tíì ṣí i rárá. Ìtumọ̀ ìdákẹ́jẹ́ méjèèjì kò dọ́gba.

Lẹ́tà náà wá kù. «Àǹfààní Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ Pàtàkì» ni o fi ṣe àkọlé rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀wọ̀ ni o fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn gbájúẹ̀ ti lo irú àkọlé bẹ́ẹ̀ gbó, ó sì dùn mí láti sọ pé bí ó bá ti ọ̀dọ̀ wa wá, ìfura rẹ̀ a máa lé méjì. Àkọlé tó wúlò ni èyí tó sọ orúkọ géèmù, irú géèmù tó jẹ́, ohun tí wọn yóò fi ta á, àti pé géèmù tí wọ́n lè dán wò wà nínú lẹ́tà: «MẸ́RUWÀ, géèmù àdìtú fún kọ̀ǹpútà, ẹ lè ta á nínú búráósà». Lẹ́yìn àkọlé, o lo ìpínrọ̀ méjì láti sọ pé o ti fẹ́ràn géèmù láti kékeré, pé géèmù rẹ dùn, pé ọmọdé àti àgbà ni ó wà fún, pé kò sí irú rẹ̀ rí. Gbogbo lẹ́tà tó bá wọlé ní ọjọ́ náà ni yóò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹni tó ń kà á ń wá ni ohun tí ọwọ́ ènìyàn ń ṣe nínú géèmù náà, àti ohun tó mú un le. Ìpínrọ̀ karùn-ún ni o tó sọ ìyẹn, o sì sọ ọ́ báyìí pé «ó jọ Sokoban». Sokoban ti wà láti 1982, ní Japan ni wọ́n ti ṣe é, àwọn géèmù tí a ti ń ti àpótí lẹ́yìn rẹ̀ kò sì lóǹkà. Ẹni tó bá ń gbé géèmù àdìtú jáde ti rí wọn tó bẹ́ẹ̀ tí gbólóhùn yẹn nìkan tó láti mú un pa lẹ́tà dé. Ibi tí tìrẹ ti yà kúrò lára Sokoban ni kí o bẹ̀rẹ̀ sí.

Ó sì yà kúrò lóòótọ́. Mo ta á, ó sì pẹ́ kí n tó rí ohun tó jẹ́ ẹ̀mí rẹ̀, torí pé ìpele 12 ni o gbé e sí. Nínú géèmù rẹ, kẹ́ẹ̀gì tí a bá sọ̀ kalẹ̀ máa ń dúró sí àyè tó wà níwájú ọmọlanke, ó sì di ìdènà lójú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọlanke tó bá ṣì ní ẹrù nínú kò ṣe é fà sẹ́yìn, òfìfo nìkan ni ó ṣe é fà. Ní ìpele 12, ilé méjì ni ó fẹ́ omi nínú kọ̀rọ̀ tóóró kan tí kò já síbì kankan, kẹ́ẹ̀gì méjì sì wà nínú ọmọlanke. Bí mo bá kọ́kọ́ fún ilé tó wà nítòsí, kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ yóò dí ọ̀nà mọ́ mi láti dé èkejì. Bí mo bá kọjá lọ sí ti ìpẹ̀kun lákọ̀ọ́kọ́, ẹrù ṣì wà nínú ọmọlanke, n kò lè fà á sẹ́yìn mọ́. Mo jókòó tì í títí ó fi yé mi pé kò sẹ́ni tó ní dandan ni kí kẹ́ẹ̀gì sọ̀ sí ẹnu ilẹ̀kùn ẹni tó rà á. Mo sọ ọ̀kan sí ìta gbangba, níbi tí kò sẹ́ni tó béèrè omi, mo gbé èkejì dé ìpẹ̀kun, mo fa òfìfo jáde, mo sì padà wá gbé ti àkọ́kọ́. Mo rẹ́rìn-ín nìkan nínú yàrá. Ẹ̀rín yẹn ni ilé-iṣẹ́ tí ń gbé géèmù àdìtú jáde fẹ́ rà, ìwọ sì fi ìpele 11 tí a ti ń ti ẹrù lásán bò ó mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, Gẹ̀ẹ́sì ni o ó fi kọ lẹ́tà tuntun náà, ṣùgbọ́n bí mo ṣe fẹ́ kí ó rí nìyí: «Ẹ ǹlẹ́ o. Nínú MẸ́RUWÀ, ẹ ó máa ti ọmọlanke omi la àdúgbò kan ní àríwá Nàìjíríà kọjá. Gbogbo kẹ́ẹ̀gì tí ẹ bá sọ̀ yóò di ògiri lójú ọ̀nà tí ẹ ṣì nílò, ẹ kò sì lè fa ọmọlanke sẹ́yìn títí yóò fi ṣófo. Ẹ lè ta ìpele mẹ́jọ nínú búráósà níbí, ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ sì nìyí. Kò ní gbà yín ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Àwa méjì ni à ń ṣe é ní Abuja. Èmi ni mo ń ṣètò àwọn ìpele tí mo sì ń kọ kóòdù, ẹnì kejì mi ni ó ń yàwòrán. Ìpele 30 ti wà nílẹ̀, a fẹ́ parí rẹ̀ sí 60 láàárín oṣù mẹ́jọ. A ń wá owó iṣẹ́ oṣù mẹ́jọ náà, àti ẹni tí yóò bá wa gbé e dé orí Steam. Ìwé kékeré tó ṣàlàyé ìnáwó wà nínú PDF tí mo so mọ́ èyí.» Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fi àwòrán kan tó ń mira sí abẹ́ ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, kí ó fi hàn bí kẹ́ẹ̀gì kan ṣe dí ọ̀nà, kí ó má ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà lọ. PDF tí kò wúwo ni ohun kan ṣoṣo tí mo fara mọ́ kí o so mọ́ ọn.

Ìpele mẹ́jọ ni mo sọ, kì í ṣe 30, mo sì mọ̀ pé yóò dùn ọ́ láti gé e. Jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ kọ́ ènìyàn bí a ti ń ti ọmọlanke, kí èkejì fi hàn pé kẹ́ẹ̀gì ń dí ọ̀nà, kí ìpele 12 ìsinsìnyí sì wá di ìpele kẹta. Fi èyí tí ìwọ fúnra rẹ fẹ́ràn jù ṣe ìkẹjọ, kódà bí ó bá le ju bó ti yẹ lọ, torí pé ẹni tó ń ka lẹ́tà fẹ́ mọ bí èrò náà ṣe jinlẹ̀ tó. Jẹ́ kí ó lè fo ìpele tó bá há a. Ohun kan sì wà tí géèmù rẹ kò tíì ní tí kò gbọdọ̀ má ní: bọ́tìnì tí yóò dá ìgbésẹ̀ kan padà. Àwọn tí ń ta irú géèmù yìí ti mọ̀ pé Z ni a fi ń dá ìgbésẹ̀ padà, pé R ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ ìpele láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú tìrẹ, àṣìṣe kan péré ní ìgbésẹ̀ ogójì ń dá ènìyàn padà sí òdo. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí kò ní pe ìyẹn ní líle. Yóò rò pé ẹni tó ṣe é kò tíì ta irú rẹ̀ rí. Èmi yóò kọ́kọ́ ṣe èyí kí n tó kọ lẹ́tà kankan. Lẹ́yìn náà, fi líǹkì náà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ kan ní Kano tàbí Ilọrin tí kò rí géèmù náà rí, kí o má sì ṣàlàyé ohunkóhun fún un. Bí ó bá pè ọ́ kí ó tó dé ìpele kẹrin, ìpele tó ti pè ọ́ ni kí o tún ṣe.

Ní ti owó, o kọ ọ́ pé «iyekíye tí ẹ bá rò pé ó tọ́». Ìwà ọmọlúàbí ni lójú tiwa, ṣùgbọ́n lójú wọn, ó túmọ̀ sí pé o kò tíì ṣírò iṣẹ́ rẹ. Bí o bá ka owó oṣù ẹ̀yin méjèèjì sí náírà 400,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, oṣù mẹ́jọ jẹ́ 6,400,000. Fi 500,000 lé e fún olórin, àti 100,000 lóṣooṣù fún dátà, epo jẹnẹrétọ̀ àti iná, tó jẹ́ 800,000. Àpapọ̀ rẹ̀ di 7,700,000. Fi ìdá mẹ́wàá kún un fún ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀, ó di 8,470,000. Dọ́là ni kí o kọ sínú PDF, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ohun tí náírà yóò dà kí oṣù mẹ́jọ tó pé. Kí o sì mọ̀ pé owó yìí kì í ṣe ẹ̀bùn: bí ọjà bá bẹ̀rẹ̀ sí í tà, wọn yóò kọ́kọ́ yọ owó wọn kí ìpín tìrẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá fún ọ ní 6,000 dọ́là, tí wọ́n sì ń ta géèmù náà ní dọ́là mẹ́wàá, Steam, ọjà géèmù orí ayélujára, yóò mú ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún, ó ku dọ́là méje. Yóò tà ju ẹ̀dà 850 lọ ní iye tó pé kí owó wọn tó padà, yóò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa bí wọ́n bá ń dín iye rẹ̀ kù nígbà ọdún. Bí ìwọ àti ẹnì kejì rẹ bá lè fi owó ara yín parí rẹ̀, tó jẹ́ pé ẹni tí yóò polówó rẹ̀ nìkan ni ẹ ń wá, sọ bẹ́ẹ̀. Ìpín yín yóò dára ju ìyẹn lọ. Ẹ̀tọ́ orí géèmù náà kò gbọ̀dọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín nínú àdéhùn méjèèjì, bí wọ́n bá sì gbé ìwé àdéhùn wá, agbẹjọ́rò ni kí o gbé e lọ bá.

Ní ti olè jíjà, òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti 2022, bí ti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ń dáàbò bo kóòdù rẹ, àwòrán rẹ àti àwọn ìpele tí o ṣètò, láti ìgbà tí o ti ṣe wọ́n. Kò dáàbò bo èrò pé kẹ́ẹ̀gì lè di ògiri. Ẹnikẹ́ni lè mú èrò yẹn, ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ kékeré wọ̀nyí kì í sábà ní òṣìṣẹ́ tí yóò fi oṣù mẹ́jọ ṣe ohun tí ìwọ ti ṣe dé ìdajì, ó sì rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti rà á lọ́wọ́ rẹ. Má ṣe béèrè pé kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àṣírí kí wọ́n tó wò ó. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ní fọwọ́ sí i, lẹ́tà rẹ yóò sì dúró síbẹ̀.

Lẹ́tà tó dára kò lè ṣe ju pé kí wọ́n dán géèmù náà wò. Ilé-iṣẹ́ tí kò gbé ju géèmù kan tàbí méjì jáde lọ́dún lè fẹ́ràn rẹ̀ kí ó sì kọ̀ ọ́, torí pé àyè ti kún. Èyí ni kò fi yẹ kí o dúró ti ẹyọ ilé-iṣẹ́ kan. Kò sí èèwọ̀ nínú pé kí o kọ̀wé sí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, bí ó bá jẹ́ pé lẹ́tà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, tí o sì ti rí i pé wọ́n ń gbé géèmù àdìtú jáde ní tòótọ́. Draknek & Friends wà lára àwọn tí iṣẹ́ wọn dá lé irú géèmù yìí, wọ́n sì ti ṣètò owó ìrànwọ́ kan rí fún àwọn aṣàdìtú tuntun, Draknek New Voices Puzzle Grant; wò ó bóyá ó ṣí lásìkò yìí. Ka ojú-ewé wọn kí o tó kọ̀wé, nítorí àwọn mìíràn ní fọ́ọ̀mù tí wọ́n fẹ́ kí a kún dípò ímeèlì. Ní ti àwọn tí o ti kọ̀wé sí, tún un fi ránṣẹ́, lórí ímeèlì tuntun tó ní àkọlé tuntun, kí o fi gbólóhùn kan ṣoṣo sọ pé líǹkì àkọ́kọ́ kò ṣí, pé èyí ń ṣí. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá kọjá tí itch.io fi hàn pé wọn kò tíì ṣí i, rán wọn létí lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú àwòrán ìpele tuntun kan. Bí ó bá fi hàn pé wọ́n ta á tí wọn kò sì sọ nǹkan kan, má rán wọn létí mọ́.